Wíwọ̀ láti ilé tàbí gbígbé sínú báàgì: ọ̀nà mẹ́ta tí aṣọ iṣẹ́ fi lè dé Màrínà láìbàjẹ́

Ẹni tó ń ti Ìkòròdú lọ ṣiṣẹ́ ní Màrínà máa ń wọkọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ọ̀nà bá dára, ó lè lò tó wákàtí kan ààbọ̀ lójú ọ̀nà. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá wà, kò sẹ́ni tó lè sọ. Ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ lálẹ́ àná tí ojú rẹ̀ ń dán, kó tó dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, ẹ̀yìn rẹ̀ á ti rin, abíyá á ti ya àwòrán róbótó, iwájú rẹ̀ á sì ti rún bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n bọ̀ tí wọ́n fún.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà láti fi bọ́ nínú èyí. Àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ wọ aṣọ iṣẹ́ láti ilé, kí ẹ sì dáàbò bò ó lójú ọ̀nà. Èkejì ni pé kí ẹ wọ aṣọ mìíràn, kí ẹ gbé ti iṣẹ́ sínú báàgì, kí ẹ lọ pààrọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni pé kí ẹ wọ ṣòkòtò tàbí síkẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ láti ilé, kí ẹ sì gbé ti òkè nìkan dání. Ẹ̀kẹta yìí la rò pé ó bá ọ̀pọ̀ èèyàn mu jù, ṣùgbọ́n kò bá gbogbo ìrìn mu. Ohun tí ń ba aṣọ jẹ́ nínú ọkọ̀ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀, torí òun ló máa sọ èyí tó yẹ yín.

Ohun tó ń rún aṣọ

Ẹ wo bí áyọ́ọ̀nù ṣe ń ṣiṣẹ́: ooru, omi díẹ̀, àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀. Ohun mẹ́ta yìí kan náà ló wà lórí ìjókòó dánfó. Ara yín ń mú ooru wá, òógùn ń mú omi wá, ẹ̀yìn ìjókòó àti èjìká ẹni tó jókòó tì yín sì ń tẹ̀ ẹ́. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé áyọ́ọ̀nù ń tẹ́ aṣọ pẹrẹsẹ, ìjókòó ń tẹ̀ ẹ́ ní kíká. Bí òwú bá ti tutù, á rọ̀. Bí wọ́n bá ṣe tẹ̀ ẹ́ náà ló ṣe máa gbẹ. Ìdí nìyẹn tí ṣẹ́ẹ̀tì òwú tó rún nínú ọkọ̀ kì í fi í tọ́ padà bí ẹ bá kàn fi kọ́ háńgà. Ṣòkòtò tí wọ́n fi irun àgùntàn tàbí àdàlù poliẹ́sítà hun kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ìnà díẹ̀ lára, bí ẹ bá sì dìde tí ẹ rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, púpọ̀ nínú ìrún rẹ̀ á ti já.

Ìyẹn ló fà á tí a fi ń ya aṣọ òkè sọ́tọ̀ kúrò lára ti ìsàlẹ̀. Òkè ló ń làágùn jù, òun ni òwú sábà máa ń jẹ́, òun náà sì ni ojú ènìyàn ń kọ́kọ́ bọ́ sí.

Ohun kejì ni afẹ́fẹ́ Èkó. Ọ̀rinrin ti kún inú rẹ̀ ṣáájú kí òógùn yín tó dé, nítorí náà òógùn kì í tètè gbẹ. Ara aṣọ ló ń dúró sí. Bí ọkọ̀ bá ń sáré tí fèrèsé sì ṣí, ẹ lè má mọ̀ ọ́n. Tó bá dúró ní Kétu tàbí Òjótà fún ogún ìṣẹ́jú ni gbogbo rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ wọ̀ ọ́ láti ilé

Èyí dára fún ìrìn tí kò ju nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú lọ, tó sì dá yín lójú pé ẹ máa rí ìjókòó. Ó tún jẹ́ ti ẹni tí kò ní ibi tó lè ti pààrọ̀ aṣọ, bí olùkọ́ tí ilé ìwé rẹ̀ kò ní yàrá olùkọ́, tàbí ẹni tó ń lọ tààrà sọ́dọ̀ oníbàárà.

Síńgílẹ́ẹ̀tì ni ààbò àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n irú tó máa ń wúlò ni èyí tó ní apá kékeré tó bo abíyá. Èyí tó ní okùn tẹ́ẹ́rẹ́ léjìká kì í gba òógùn abíyá rárá, ibẹ̀ gan-an sì ni àbàwọ́n ti ń jáde. Ó yẹ kó fún ara díẹ̀, kó sì jẹ́ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé funfun ló yẹ lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Kò rí bẹ́ẹ̀: ìlà síńgílẹ́ẹ̀tì funfun máa ń hàn ketekete lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ súnmọ́ ti ara yín, tàbí àwọ̀ eérú, ló ń fara pamọ́.

Àwọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì náà ń sọ̀rọ̀. Àwọ̀ eérú àti búlúù òfuurufú ló ń tú àṣírí òógùn jù, torí pé bí wọ́n bá tutù, wọ́n á dúdú sí i gan-an. Funfun àti búlúù dúdú kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Aṣọ tó ní àmì wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ ló ń bo ọ̀ràn jù lọ. Dúdú kirikiri dára títí tí òógùn fi máa gbẹ. Lẹ́yìn náà, iyọ̀ ara á ya ìlà funfun sí ẹ̀yìn rẹ̀, tí ẹ̀yin tí ẹ wọ̀ ọ́ kò sì ní rí i.

Lórí sitáàṣì, ẹ dín in kù. Ṣẹ́ẹ̀tì tó le gan-gan láàárọ̀ ló máa ń burú jù ní aago mẹ́jọ: bí òógùn bá kàn án, sitáàṣì á rọ̀, á lẹ̀ mọ́ ara, á sì gbẹ padà pẹ̀lú gbogbo ìkájọ tó bá níbẹ̀. Ọrùn aṣọ àti etí apá nìkan ló yẹ kó ní sitáàṣì. Ẹ̀yìn kò nílò rẹ̀.

Ibi tí ẹ bá jókòó sí náà ṣe pàtàkì. Nínú dánfó tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lábẹ́ ìjókòó iwájú, ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà dùn lójú ṣùgbọ́n ooru á máa ti ìsàlẹ̀ bọ̀ wá sí itan. Ẹnu ilẹ̀kùn ní atẹ́gùn, àmọ́ ibẹ̀ ni kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń dúró sí, ibẹ̀ ni èrò ń gbà kọjá lára yín, ibẹ̀ náà ni irin tí ilẹ̀kùn ń yọ́ lórí rẹ̀ wà pẹ̀lú gírísì. Ìlà kejì lẹ́bàá fèrèsé ni a máa ń yàn: atẹ́gùn wà, ẹnì kan ṣoṣo ló sì fara kàn yín. Kí ẹ tó jókòó, ẹ fi ọwọ́ ra etí ìjókòó náà. Irin tó yọ jáde níbi tí fóòmù ti ya ló ń fa ṣòkòtò ya, òun náà ló sì ń fi ìdógùn-ún sára aṣọ. Ẹ tẹ́ àjákù ànkárá kan tí kò ju ìdajì yáàdì lọ sí abẹ́ àti ẹ̀yìn. Kì í ṣe nítorí ìdọ̀tí nìkan. Aṣọ yín á máa yọ́ lórí ànkárá dípò kó máa há mọ́ ìjókòó, ìrún á sì dínkù.

Kí ẹ gbé gbogbo rẹ̀ dání

Bí ìrìn yín bá tó wákàtí méjì, tí ẹ máa ń dúró nínú ọkọ̀ BRT tí éèsì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, tàbí tí ẹ máa ń ti kẹ̀kẹ́ bọ́ sí dánfó kí ẹ tún tó wọ ọkọ̀ ńlá, ẹ má wulẹ̀ fi aṣọ iṣẹ́ dán an wò. Ẹ wọ tíṣáàtì àti ṣòkòtò tó rọrùn, ẹ wọ sílípáàsì tó lẹ́yìn, kí ẹ gbé ti iṣẹ́ dání.

Ìrún inú báàgì ló ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn, ṣùgbọ́n báàgì kò ní omi àti ooru tí ìjókòó ní. Bí ẹ bá ká aṣọ náà dáadáa, ìlà díẹ̀ ló máa ní. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn ká a ní kété tó lọ̀ ọ́ tán. Aṣọ gbígbóná ṣì ń gba àpẹẹrẹ. Tí ẹ bá ká a báyìí, ìlà náà á wọlé bí ìlà ṣòkòtò. Ẹ fi kọ́ háńgà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tutù pátápátá.

Lẹ́yìn náà, ẹ de bọ́tìnnì òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀. Ẹ dojú ṣẹ́ẹ̀tì dé orí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sókè. Ẹ tẹ́ ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn alágbàfọ̀ fi ń bo aṣọ lé e. Ọ̀rá yìí ló ń jẹ́ kí aṣọ yọ́ lórí ara rẹ̀ dípò kó há. Ẹ gbé páálí tó tóbi tó ìwé A4 sí abẹ́ ọrùn, ẹ ká ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wá sórí rẹ̀, kí ẹ sì na apá sísàlẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ ká ìdí ṣẹ́ẹ̀tì sókè ní nǹkan bí ìbú ọwọ́ méjì. Ìlà yẹn kò já mọ́ nǹkan kan torí inú ṣòkòtò ló máa wà. Ìká tó kù ni yóò bọ́ sí agbègbè ikùn, ibẹ̀ ni ẹ ti máa ká síńgílẹ́ẹ̀tì tí ẹ fẹ́ pààrọ̀ róbótó, kí ẹ fi sí inú ibi tí aṣọ ti ń tẹ̀. Aṣọ tó bá tẹ̀ yí ohun róbótó ká kì í ní ojú ìlà. Ẹ ká ìbọ̀sẹ̀ méjì sínú ọrùn kó má baà wó.

Kóòtù ò yẹ kó máa rìn lójoojúmọ́. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ lórí háńgà ní ọ́fíìsì, kí ẹ máa gbé e wálé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Báàgì tí ẹ ń gbé kọ́ ẹ̀yìn ló ń mú kí òógùn ẹ̀yìn pọ̀ sí i, nítorí náà, ọwọ́ ni kí ẹ fi gbé e tàbí kí ẹ gbé e sí itan ní òró. Ẹ má jẹ́ kí kọ̀ńdọ́kítọ̀ ju u sí ẹ̀yìn ọkọ̀ sí abẹ́ ẹrù gàrí. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ fi ọ̀rá ńlá kan bo aṣọ náà nínú báàgì. Báàgì tí wọ́n ní omi kò lè wọ̀ máa ń jẹ́ kí omi gba ojú síìpù wọlé.

Ní ibi iṣẹ́, ohun tó ń ba ọ̀nà kejì yìí jẹ́ jù lọ ni ìkánjú. Èèyàn á sọ̀ kalẹ̀, á yára wọ tọ́yìlẹ́ẹ̀tì, á bọ́ aṣọ, á wọ tuntun, òógùn á sì rin ín kó tó bọ́ síta. Ara kì í dáwọ́ òógùn dúró ní kété tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀. Ooru tó wà nínú ẹran ara ṣì máa ń jáde fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ jókòó sábẹ́ fáànù tàbí éèsì pẹ̀lú aṣọ ọkọ̀ tí ẹ wọ̀. Ẹ bu omi tútù sí ọrùn ọwọ́, ojú àti ẹ̀yìn ọrùn. Ẹ fi aṣọ ìnura kékeré tó tutù nu abíyá àti ẹ̀yìn, kí ẹ sì fi èyí tó gbẹ nù ún tẹ̀lé e. Bí ẹ bá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan àárín àyà tí kò sì rin mọ́, àsìkò tó láti wọ aṣọ.

Kí ẹ gbé ti òkè nìkan

Èyí ń mú ohun tó dára nínú méjèèjì, ó sì mú ẹrù fúyẹ́. Ṣòkòtò tàbí síkẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ wà lára yín, tíṣáàtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ẹ wọ̀ sókè, ṣẹ́ẹ̀tì tàbí bùláòsì wà nínú báàgì. Níbi iṣẹ́, ohun kan ṣoṣo lẹ máa pààrọ̀. Ẹ kò ní bọ́ ṣòkòtò lórí ilẹ̀ tọ́yìlẹ́ẹ̀tì tó tutù, èyí sì ṣe pàtàkì ju bí èèyàn ṣe rò lọ, torí etí ẹsẹ̀ ṣòkòtò ni omi ilẹ̀ ń kọ́kọ́ kàn.

Ọ̀nà yìí ń kùnà bí aṣọ ìsàlẹ̀ bá jẹ́ òwú tàbí línínì. Línínì á rún ní itan kó tó dé Máìlì 12, kò sì sí ohun tó máa tọ́ ọ láìsí áyọ́ọ̀nù. Síkẹ́ẹ̀tì tó fún, tí kò sì ní aṣọ inú, náà á ní ìlà ní ìdí àti ní ìsàlẹ̀ ikùn. Bí irú rẹ̀ lẹ fẹ́ wọ̀, ẹ ró ìró sórí rẹ̀ nínú ọkọ̀, tàbí kí ẹ padà sí ọ̀nà kejì.

| | Wọ̀ ọ́ láti ilé | Gbé gbogbo rẹ̀ | Gbé ti òkè |
|---|---|---|---|
| Ìrìn tó bá a mu | Kò ju ìṣẹ́jú 40 lọ, ìjókòó dájú | Wákàtí 2, ìdúró, ọkọ̀ púpọ̀ | Wákàtí 1 sí 2 |
| Àsìkò níbi iṣẹ́ | Ìṣẹ́jú 5 | Ìṣẹ́jú 25 | Ìṣẹ́jú 15 sí 20 |
| Ibi tó ti ń bàjẹ́ | Ẹ̀yìn àti abíyá | Ìlà ìká, ohun tí ẹ gbàgbé nílé | Itan, etí ẹsẹ̀ |
| Aṣọ tó yẹ ẹ́ | Àmì wẹ́ẹ́rẹ́, búlúù dúdú | Funfun, línínì, ìbílẹ̀ | Ṣẹ́ẹ̀tì òwú, ṣòkòtò àdàlù |

Ẹ jẹ́ ká fi ìrìn kan ṣàlàyé. Obìnrin kan ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ní Màrínà, aago mẹ́jọ ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bùláòsì òwú funfun ló fẹ́ wọ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò dúdú tó jẹ́ àdàlù poliẹ́sítà. Ó lo kẹ̀kẹ́ láti ilé dé gáréèjì Ìkòròdú, ibẹ̀ ló ti wọ BRT. Ìjókòó kò dájú. Ọ̀nà kìíní ti jábọ́ nítorí ìrìn náà gùn, kò sì dá a lójú pé ó máa rí ibi jókòó. Ọ̀nà kejì yóò ṣe é, ṣùgbọ́n ṣòkòtò rẹ̀ kò nílò ààbò tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ó gbé bùláòsì náà sórí páálí, ó wọ tíṣáàtì dúdú, ó fi sílípáàsì wọkọ̀, bàtà iṣẹ́ sì wà nínú ọ̀rá tirẹ̀ ní ìsàlẹ̀ báàgì, lábẹ́ páálí, kó má tẹ aṣọ. Ó fi ìpara abíyá tó ń dí òógùn sí i lálẹ́ kó tó sùn, nítorí lórí awọ tó gbẹ tí kò làágùn ló ń wọlé jù. Bí èèyàn bá fi í láàárọ̀ tí òógùn ti bẹ̀rẹ̀, òógùn á ṣàn án dànù. Aago márùn-ún ààbọ̀ ló wọkọ̀. Tó bá dé ní aago méje ku ìṣẹ́jú díẹ̀, ààyè pọ̀ láti jókòó. Tó bá dé ní aago méje kọjá ogójì ìṣẹ́jú, ogún ìṣẹ́jú ló kù: mẹ́wàá fún ìtutù, mẹ́ta fún ìnura, mẹ́rin fún aṣọ àti bàtà. Ó ṣì bá a mu, ṣùgbọ́n pípààrọ̀ gbogbo aṣọ kì bá ti bá a mu mọ́.

Atíkè ojú tún tọ́ sí ọ̀rọ̀ kan: ẹ má fi í nílé. Ohun tó ń ba ọrùn bùláòsì funfun jẹ́ jù ni atíkè tí òógùn ṣàn wá sórí rẹ̀. Kí ẹ fi í lẹ́yìn tí ojú bá ti tutù.

Bí àbàwọ́n bá ti kàn án

Bí gírísì ilẹ̀kùn bá kàn yín, ẹ má fi omi fọ̀ ọ́, ẹ má sì fi áńkáṣíìfù ra á. Ẹ fi tíṣù tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ẹ bu pàúdà ọmọdé lé e, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó fa epo náà, kí ẹ wá gbọ̀n ọ́n dànù. Lálẹ́, ẹ fi ọṣẹ olómi tí ẹ fi ń fọ abọ́ kan ibẹ̀ kí ẹ tó fi omi kàn án. Ti ìdógùn-ún yàtọ̀: omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ ló ń ká a kúrò, ẹ fún un sí i, kí ẹ sá a sóòrùn fún wákàtí kan, kí ẹ wá ṣan án. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní kọ̀rọ̀ kan bí aṣọ náà bá ní àwọ̀. Bílíìṣì kò gbọdọ̀ kan ìdógùn-ún, á sọ ọ́ di ti ayérayé. Bẹ́ẹ̀ náà ni abíyá tó ti pọ́n: alúmínọ́ọ̀mù inú ìpara tó dàpọ̀ mọ́ òógùn ló fà á, bílíìṣì á sì mú kó pọ́n sí i.

Ọjọ́ Ẹtì

Ìbílẹ̀ yí ìṣirò padà. Ànkárá tó ní àwòrán púpọ̀ lè wọ ọkọ̀ láti ilé, torí pé àwòrán rẹ̀ ń bo òógùn àti ìrún díẹ̀, bùbá sì fẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ ni etí rẹ̀ tó gùn, torí ẹni tó bá jókòó lé e lórí á ya á nígbà tí ẹ bá dìde. Ẹ kó o jọ sí itan. Léèsì ò gbọdọ̀ wọ dánfó, ihò rẹ̀ ń há mọ́ gbogbo irin. Aṣọ tí wọ́n gún kó lè máa dán náà yẹ kó wà lórí páálí. Omi òógùn máa ń pa dídán rẹ̀ lójú kan, ojú yẹn á sì dúró bí ẹni da omi sí i. Fìlà yẹ kó wà nínú abọ́ oníke kékeré nínú báàgì, kì í ṣe lórí.

Tíṣáàtì tí ẹ bọ́ láàárọ̀ ni ẹ máa wọ̀ padà sílé. Ẹ má dè é sínú ọ̀rá látàárọ̀. Òórùn rẹ̀ á ti le ní aago márùn-ún, á sì ran ohun tó wà nítòsí rẹ̀. Ẹ fi kọ́ ẹ̀yìn àga tàbí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ti lè kàn án, bí wọ́n bá gbà yín láyè. Bí wọn kò bá gbà, ẹ fi sínú báàgì aṣọ tó ń mí, kí ẹ gbé e jìnnà sí páálí ọ̀la.